Bí a ṣe ń ta ní àtaàtúnta nínú Kálà: kíka ọmọ ayò kí èyí tí ó gbẹ̀yìn lè bọ́ sínú àká

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i tí òǹtayò kan ta Kálà, irú ayò ọlọ́pọ́n kan, ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún léraléra, kí ẹnìkejì rẹ̀ tó fọwọ́ kan ọpọ́n, lè rò pé oríire ni. Kì í ṣe oríire rárá. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà nídìí rẹ̀: bí ọmọ ayò tí ó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ yín bá bọ́ sínú àká tiyín, ẹ ó tún ta. Ohun tí ó kù ni pé kí ẹ tó gbé ọmọ kankan, ẹ ti mọ àwọn ihò tí yóò parí sínú àká, kí ẹ sì mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú nínú wọn.

Ọpọ́n náà àti bí a ó ṣe máa ka ihò

William Julius Champion, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé Kálà kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940. Ihò 12 ni ó wà lórí ọpọ́n, mẹ́fà níwájú òǹtayò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àká méjì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Àká tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín ni tiyín. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni a sábà máa ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48, nítorí náà ẹni tí ó bá ti ní 25 nínú àká rẹ̀ ti borí. Bí ó bá kàn yín, ẹ ó kó gbogbo ọmọ inú ihò yín kan, ẹ ó sì máa jù wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tí ó tẹ̀ lé e sí apá ọ̀tún. Àká yín yóò gba ẹyọ kan bí ẹ bá dé ibẹ̀, àwọn tí ó bá ṣẹ́ kù yóò sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì, ṣùgbọ́n ẹ ó fo àká tirẹ̀. Ibí yìí ni ẹni tí ayò ọlọ́pọ́n ti mọ́ lára ti máa ń ṣìṣe jù, nítorí pé nínú Kálà, àká jẹ́ ara ọ̀nà tí ọmọ ayò ń gbà kọjá.

Òfin kan tún wà tí a ó nílò láìpẹ́. Bí ọmọ tí ó gbẹ̀yìn bá bọ́ sínú ihò tiyín tí ó ṣófo, ẹ ó jẹ gbogbo ọmọ tí ó wà nínú ihò tí ó dojú kọ ọ́, ẹ ó sì kó wọn pẹ̀lú ẹyọ yín náà sínú àká. Eré parí nígbà tí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ẹnìkan bá ṣófo, ẹnìkejì yóò sì kó ohun tí ó kù ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sínú àká tirẹ̀.

Àṣà tí ó mú kíka rọrùn jù ni pé kí ẹ máa ka ihò láti ibi àká, kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ihò tí ó sún mọ́ àká jù ni ihò kìíní, èyí tí ó tẹ̀ lé e sí apá òsì ni ihò kejì, títí dé ihò kẹfà tí ó jìnnà jù. Ẹnìkejì yín náà ń ka tirẹ̀ láti àká tirẹ̀ lọ́nà kan náà. Ihò kìíní yín dojú kọ ihò kẹfà rẹ̀, ihò kejì yín dojú kọ ìkarùn-ún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà méjèèjì ń pé méje nígbà gbogbo. Jálẹ̀ àlàyé yìí, bí mo bá to nọ́ńbà mẹ́fà tẹ̀ léra, láti ihò kìíní dé ìkẹfà ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá àwọn ihò tí ó pé

Nígbà tí a bá ti ka ihò báyìí, nọ́ńbà ihò náà ni iye ẹsẹ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti àká. Láti ihò kẹta, ọmọ kan yóò bọ́ sí ihò kejì, ọmọ kan sí ìkíní, ẹ̀kẹta sì bọ́ sí àká. Èyí fi hàn pé ihò kẹta nílò ọmọ mẹ́ta gẹ́lẹ́, ihò kẹfà nílò mẹ́fà gẹ́lẹ́, ihò kìíní sì nílò ẹyọ kan péré. Ihò tí iye ọmọ inú rẹ̀ bá bá nọ́ńbà rẹ̀ dọ́gba ni mo ń pè ní ihò tí ó pé. Bí ọmọ inú rẹ̀ bá fi ọ̀kan dín, ó ku ẹyọ kan kí ó pé. Bí ó bá pọ̀ ju nọ́ńbà náà lọ, ó ti kọjá.

Nítorí náà, nígbà tí ó bá kàn yín, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú tọ ọ̀nà ọmọ ayò láti ihò dé ihò. Ẹ kàn wo ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi iye tí ó wà nínú rẹ̀ wé nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn eré bíi mélòó kan, ojú yóò ti máa rí i kí ẹ tó kà á, pàápàá ní ihò kìíní sí ìkẹta. Ihò karùn-ún àti ìkẹfà ni mo ṣì máa ń fi ìka tọ́ kà, nítorí pé ọmọ márùn-ún àti ọmọ mẹ́fà tí ó dì mọ́ra nínú ihò kan jọ ara wọn púpọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí ihò lè gbà parí sínú àká, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Yíyípo kan lórí ọpọ́n jẹ́ ẹsẹ̀ 13, ìyẹn ihò 12 àti àká tiyín. Bí ihò bá ní nọ́ńbà rẹ̀ àti 13 lórí rẹ̀, yóò yí ọpọ́n po, yóò sì parí sínú àká: ọmọ 14 ní ihò kìíní, ọmọ 15 ní ìkejì. Ẹni tí ó bá ń kó ọmọ jọ sínú ihò kìíní láìfọwọ́ kàn án ni ó sábà máa ń bá irú èyí pàdé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ta èyí tí ó sún mọ́ àká jù ní àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ihò méjì pé lẹ́ẹ̀kan náà, ìkejì tí ó ní ọmọ méjì àti ìkẹrin tí ó ní mẹ́rin. Bí ẹ bá ta ìkẹrin ní àkọ́kọ́, ẹyọ kan nínú rẹ̀ yóò bọ́ sínú ihò kejì bí ó ti ń kọjá lọ, ihò kejì yóò wá ní mẹ́ta. Ó ti kọjá, kò sì lè parí sínú àká mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ta ìkejì ní àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ó kan ìkẹrin, nítorí pé ọmọ ayò kì í padà sẹ́yìn. Ìkẹrin yóò dúró sí pípé rẹ̀ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gbogbo ohun tí ó wà nínú ètò ìta náà nìyẹn: nínú gbogbo ihò tí ó pé, èyí tí ó sún mọ́ àká jù ni kí ẹ ta. Lẹ́yìn tí ẹ bá ta á, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wíwò láti ihò kìíní, nítorí pé ìta náà ti fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún àwọn ihò tí ó wà níwájú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí èyí tí ó ku ẹyọ kan tẹ́lẹ̀ ti pé. Ihò kìíní ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ta ihò kan tí ó pé, yàtọ̀ sí ìkíní fúnra rẹ̀, ẹyọ kan yóò bọ́ sínú ihò kìíní. Bí ihò kìíní bá sì ṣófo tẹ́lẹ̀, ó ti pé nìyẹn, àtúnta mìíràn sì ti wà nílẹ̀. Ihò kìíní tí ó ṣófo níye lórí púpọ̀, èyí sì ni ìdí tí mi ò fi fẹ́ràn kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta jókòó síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré yìí, ihò kẹfà tí ó pé ni ó máa ń fà mí lójú jù, nítorí pé ó dùn mọ́ni láti pín ọmọ káàkiri gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹni. Mo máa ń ta á ní àkọ́kọ́, gbogbo èyí tí ó ti pé níwájú yóò sì bàjẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ba tèmi jẹ́, tí mo sì ń di ẹ̀bi ru ẹnìkejì mi.

Eré kan ní kíkún

Ẹ jẹ́ kí a wo ààrin eré kan. Ní ẹ̀gbẹ́ yín, ihò kìíní dé ìkẹfà ní 0, 2, 1, 4, 1, 5. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì, bí òun náà ti ń kà á láti àká tirẹ̀, 2, 0, 7, 1, 3, 2 ni ó wà níbẹ̀. Ọmọ 11 wà nínú àká yín, 9 sì wà nínú tirẹ̀. Ó kàn yín.

Ihò kejì pé, ìkẹrin náà sì pé. Ìkejì ni ó sún mọ́ àká jù, òun ni ẹ ó ta: ẹyọ kan sínú ìkíní, ẹyọ kan sínú àká. Àká di 12. Ihò kìíní ti pé báyìí, ẹ ta á, àká di 13. Ẹ̀gbẹ́ yín wá jẹ́ 0, 0, 1, 4, 1, 5. Ó wá kan ìkẹrin. Ọmọ rẹ̀ mẹ́rin yóò bọ́ sínú ìkẹta, ìkejì, ìkíní àti àká, àká di 14, ẹ̀gbẹ́ yín sì di 0 fún ìkẹrin, pẹ̀lú 2 ní ìkẹta, 1 ní ìkejì, 1 ní ìkíní. Ihò kìíní tún pé, ẹ ta á, àká di 15.

Ohun tí ó kù ní ẹ̀gbẹ́ yín báyìí ni 0, 1, 2, 0, 1, 5, kò sì sí ihò kankan tí ó pé. Síbẹ̀ ó ṣì kàn yín, nítorí pé àtúnta kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè kọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ta nǹkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìta ìkẹyìn yìí ṣòfò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni ó lè mú èrè wá jù. Ẹ wo ihò kẹrin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ inú rẹ̀ tán: ó ṣófo, ó sì dojú kọ ihò kẹta ẹnìkejì, níbi tí ọmọ méje wà. Ihò karùn-ún yín ní ẹyọ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ kan péré sì ni ó wà láàárín òun àti ìkẹrin. Bí ẹ bá ta á, ẹyọ náà yóò bọ́ sínú ihò tí ó ṣófo, ẹ ó sì jẹ méje pẹ̀lú ẹyọ yín. Ọmọ mẹ́jọ wọ àká, àká di 23.

Ẹ kíyè sí i pé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, jíjẹ yìí kò sí lórí ọpọ́n, nítorí pé ọmọ mẹ́rin wà nínú ihò kẹrin. Àtaàtúnta ni ó ṣí i sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ka àwọn ihò tí ó pé, ẹ máa fi ojú kan wo ihò tí yóò ṣófo lẹ́yìn wọn, àti ohun tí ó wà ní òdìkejì rẹ̀.

Ká ní ìkẹrin ni ẹ kọ́kọ́ ta ńkọ́? Ihò kejì ìbá di 3, yóò sì ti kọjá. Ẹ ìbá ta ìkíní lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní sí òmíràn tí ó pé. Ẹ ìbá ṣì rí mẹ́jọ jẹ, ṣùgbọ́n 21 ni ìbá wà nínú àká. Ọmọ méjì ni àṣìṣe ètò náà ìbá ná yín, nínú eré tí ẹyọ kan lè ya ẹni tí ó borí sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbìn ín sílẹ̀ de ìgbà tí yóò tún kàn yín

Eré náà kò tíì tán. Ẹ̀gbẹ́ yín wá jẹ́ 0, 1, 2, 0, 0, 5, ti ẹnìkejì sì jẹ́ 2, 0, 0, 1, 3, 2. Ẹ tún un wò dáadáa: ihò kejì ku ẹyọ kan kí ó pé, ìkẹta ku ẹyọ kan, ìkẹfà náà ku ẹyọ kan. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo tí ó bá bọ́ sínú ihò kẹfà yín yóò ru gbogbo wọn sókè, nítorí pé ihò kẹfà tí ó pé máa ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún gbogbo ihò yín yòókù kí ó tó wọ àká.

Ká sọ pé ẹnìkejì yín kò kíyè sí i, ó sì ta ihò kìíní rẹ̀ tí ó ní ọmọ méjì. Ẹyọ kan wọ àká rẹ̀, ẹyọ kejì bọ́ sínú ihò kẹfà yín, tí ó di 6. Ẹ ta ìkẹfà: ẹ̀gbẹ́ yín di 1, 2, 3, 1, 1, 0, àká di 24. Ihò kìíní, ìkejì àti ìkẹta ti pé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ta ìkíní, àká di 25, ẹ ti borí nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá a dé òpin. Ẹ ta ìkejì, àká di 26, ẹyọ kan sì wà ní ìkíní. Ẹ ta ìkíní, 27. Ẹ ta ìkẹta, 28, ẹyọ kan bọ́ sí ìkejì, ẹyọ kan sí ìkíní. Ẹ ta ìkíní, 29. Ìta mẹ́fà léraléra nìyẹn, gbogbo wọn láti ara ẹyọ kan tí ẹnìkejì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù sí ẹ̀gbẹ́ yín. Ẹ̀gbẹ́ yín wá ku 0, 1, 0, 1, 1, 0. Ẹyọ inú ìkejì lè bọ́ sínú ìkíní tí ó ṣófo, kí ó sì jẹ ọmọ méjì tí ó wà nínú ihò kẹfà ẹnìkejì.

Ohun tí a rí níbí ni pé ihò tí ó ku ẹyọ kan níye lórí ju bí ó ti rí lójú lọ, bí ihò tí ó pé bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá kàn yín tí kò sí àtúnta kankan lórí ọpọ́n, ẹ wá ìta tí yóò fi ihò méjì tàbí mẹ́ta sí ipò tí ó ku ẹyọ kan, pẹ̀lú ọ̀kan tí ó jìnnà jù wọ́n lọ tí ó pé tàbí tí ó fẹ́ pé.

Ohun tí ẹnìkejì lè bàjẹ́

Ọmọ ayò tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì wá máa ń kọ́kọ́ bọ́ sínú ihò kẹfà yín, lẹ́yìn náà ìkarùn-ún, títí lọ sí ìkíní. Nítorí èyí, ihò tí ó jìnnà sí àká ni ó tètè máa ń bàjẹ́, tí àwọn tí ó sún mọ́ àká sì máa ń pẹ́ kí nǹkan tó kàn wọ́n. Láti mọ iye tí yóò dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ yọ nọ́ńbà ihò rẹ̀ kúrò nínú iye ọmọ tí ó wà níbẹ̀. Bí ihò kẹta rẹ̀ bá ní ọmọ méje, mẹ́rin ni yóò kọjá sọ́dọ̀ yín, láti ìkẹfà dé ìkẹta. Ihò kejì àti ìkíní yín kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé ihò karùn-ún tàbí ìkẹfà tí ó pé fún ìgbà tí yóò tún kàn yín, ẹ fi ìṣirò yìí wo gbogbo ihò rẹ̀. Bí ó bá ní èyí tí yóò fi ẹyọ kan kún un, ẹ ní láti rò pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó bá mọ̀ ọ́n ta. Bí ihò náà bá pé lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ẹ sì ṣì ń ta, ẹ má ṣe fi í pamọ́ láìnídìí.

Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ìṣirò náà kàn, o. Ìta tiyín tí ó bá kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì lè ba tirẹ̀ jẹ́, ó sì lè mú tirẹ̀ pé. Ìbẹ̀rẹ̀ eré ni èyí ti hàn jù. Nígbà tí mẹ́rin mẹ́rin wà níbi gbogbo, ihò kẹrin nìkan ni ó pé, nítorí náà òun ni ọ̀pọ̀ òǹtayò ń fi bẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ yín di 5, 5, 5, 0, 4, 4, àká di 1, ẹ ó sì tún ta. Kò sí èyí tí ó pé mọ́. Bí ẹ bá wá ta ihò kẹta tí ó ní márùn-ún, ọmọ méjì yóò kọjá, ìkẹfà àti ìkarùn-ún ẹnìkejì yóò sì di márùn-ún márùn-ún. Ìkẹrin rẹ̀ tí ó ti pé tẹ́lẹ̀ ṣì pé, ìkarùn-ún rẹ̀ náà ti wá pé: àtúnta méjì ni ẹ fi lé e lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ìkíní tàbí ìkejì ni ẹ ta, ọmọ mẹ́rin tàbí mẹ́ta ni yóò kọjá. Ìkẹrin rẹ̀ yóò di márùn-ún, yóò sì bàjẹ́, ìkarùn-ún nìkan ni yóò kù fún un. Bí ẹ bá ta ìkẹfà, ọmọ kankan kò ní kọjá. Ìkẹrin rẹ̀ yóò ṣì wà ní pípé, ṣùgbọ́n ìkarùn-ún tiyín yóò ti di márùn-ún gẹ́lẹ́, ìyẹn sì jẹ́ àtúnta tí ẹ gbìn sílẹ̀, bí kò bá ní bà á jẹ́ kí ó tó kàn yín.

Ìgbà tí ó yẹ kí a dá a dúró

Àtaàtúnta lè dùn débi tí ènìyàn yóò fi kó ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ tán. Ìta kan wà tí a lè fi kó gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan: bí ẹ̀gbẹ́ yín bá jẹ́ 1, 1, 3, 2, 4, 6, tí ẹ sì ń ta èyí tí ó sún mọ́ àká jù ní gbogbo ìgbà, ẹ ó ta ní ìgbà 17 léraléra, ọmọ 17 yóò sì wọ àká ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó gùn jù nínú irú àkótán bẹ́ẹ̀ láìsí ọmọ tí ó kọjá sí òdìkejì, nítorí pé láti gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó nílò ihò keje.

Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín wá irú ètò bẹ́ẹ̀ nípa títà sẹ́yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣófo. Ẹ wá ihò tí ó ṣófo tí ó sún mọ́ àká jù, kí ẹ mú ẹyọ kan láti inú àká àti ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti inú gbogbo ihò tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ sì kó wọn sínú rẹ̀. Yóò pé fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni 1, lẹ́yìn náà 0, 2, lẹ́yìn náà 1, 2, lẹ́yìn náà 0, 1, 3, àti 1, 1, 3, àti 0, 0, 2, 4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iye ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ètò kan ṣoṣo. Mi ò rò pé ó pọn dandan kí ẹ mọ gbogbo wọn sórí, ṣùgbọ́n èyí tí kò ju ọmọ mẹ́fà lọ máa ń yọjú léraléra ní ìparí eré, ó sì dára kí ojú mọ̀ wọ́n.

Ewu rẹ̀ wà nínú òfin ìparí. Bí ẹ̀gbẹ́ yín bá ṣófo, eré ti tán, gbogbo ohun tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì sì di tirẹ̀. Àwọn kan ń ta á pẹ̀lú òfin mìíràn tí ó fi ìyókù fún ẹni tí ó tán ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ fẹnu kò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ òfin tí mo ń lò níhìn-ín, ẹ ka àká yín kún iye tí ẹ fẹ́ kó wọlé. Bí ẹ bá ní 9 nínú àká pẹ̀lú ètò ọmọ 17 yẹn, 26 ni yóò jẹ́, ẹ kó o tán láìfòyà. Bí ó bá jẹ́ 5 ni ẹ ní, 22 ni yóò jẹ́, 26 sì kù fún ẹnìkejì. Ẹ ó ti fi ọwọ́ ara yín parí eré tí ẹ pàdánù. Ní irú ipò yìí, ẹ ta àwọn tí ó sún mọ́ àká títí dé ibi tí ó bá dára, lẹ́yìn náà kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ta ọ̀kan tí kò pé, èyí tí yóò jẹ nǹkan lọ́dọ̀ ẹnìkejì tàbí tí yóò kàn fi ọmọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yín, kí ó lè jẹ́ pé òun ni yóò máa ná ọmọ tirẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ yín.